Ẹ Kọ Ohun Tí Ẹ Fojú Rí: Lẹ́tà Ọpẹ́ sí Àwọn Òṣìṣẹ́ Wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni yín ní ọsibítù, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ òní kàn jù. Lẹ́tà la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, lẹ́tà ọpẹ́ tí ẹbí aláìsàn máa ń kọ sí àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù nígbà tí aláìsàn wọn bá ti pẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n wá ní kó máa lọ ilé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Lẹ́tà lè gùn, ó lè kún fún àdúrà, kó má sì wúlò fún wọ́ọ̀dù tí a kọ ọ́ sí. Èyí tó máa ń wúlò ni èyí tó sọ ohun tí ẹbí fi ojú ara wọn rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ irú èyí tí a sábà máa ń kọ. Ó máa ń lọ báyìí: “Ìdílé wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Olódùmarè tó wo màmá wa sàn. A sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo dókítà àti nọ́ọ̀sì fún iṣẹ́ takuntakun tí wọ́n ṣe. Ọlọ́run yóò san án fún yín. Àmín.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, ọpẹ́ Ọlọ́run kò sì pọ̀ jù lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù wo la kọ ọ́ sí? Ẹ lè mú un lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ẹ lè mú un lọ sí ti àwọn tó ṣẹ́ egungun, ẹ tilẹ̀ lè wọ mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù ìlú mìíràn, yóò bá gbogbo wọn mu. Aṣọ tó bá gbogbo ènìyàn mu, a kò wọn ẹnikẹ́ni kí a tó rán an. Métíróònù tó bá gbà á yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ẹ ṣeun, yóò sì fi í sínú dúrọ́ọ̀. Kí tún ni kó fi ṣe?

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ohun tí ẹbí rí? Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn kò mọ ohun tí wọ́n ṣe ni? Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ṣe rí. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn: àwọn kan wá láàárọ̀, àwọn mìíràn gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́sàn-án, àwọn ẹlòmíràn ló ni òru. Èyí tó gba aláìsàn yín wọlé lọ́jọ́ Ajé lè bọ́ sí iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ kejì, kó má sì rí aláìsàn náà mọ́ ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé, tí wọ́n ń pè ní háúsì ọ́físà, ọdún kan ló máa ń lò lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ yẹn, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló sì máa ń lò ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, ó di ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀gá dókítà máa ń wá ní ọjọ́ tí wọ́n yàn fún àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà á bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń na apá àti ẹsẹ̀ fún aláìsàn máa ń wá ní tiwọn, wọ́n á sì lọ. Olúkúlùkù mọ apá tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ta wá ni ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ọmọ tó sùn sórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, tàbí àbúrò tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń sáré lọ ra oògùn tó sì ń sáré padà. Ẹbí nìkan ló rí iṣẹ́ àárọ̀, tó rí ti ọ̀sán, tó sì rí ti òru.

Òótọ́ ni pé ṣáàtì wà. Wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n bá ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ṣáàtì lè sọ pé wọ́n yí aláìsàn padà ní aago méjì òru, kò lè sọ pé nọ́ọ̀sì náà pe màmá ní orúkọ kó tó fi ọwọ́ kàn án. Kò sì lè sọ pé iná ti lọ, pé iná fóònù ni wọ́n fi ṣe é. Ẹbí ni ẹlẹ́rìí ìyẹn. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí o, ẹlẹ́rìí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé mi dúró lé.

Ìdí kejì tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rere tí wọ́ọ̀dù máa ń ṣe, a kì í rí i, nítorí pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni. Báwo la ṣe ń dúpẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀lé e dé ìdí. Ká ní ìyá àgbà kan, ẹni ọdún 68, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè gbé oúnjẹ mì. Wọ́n gba imú ki rọ́bà oúnjẹ sí i, wọ́n sì fi rọ́bà ìtọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò, ìyẹn ọjọ́ 42. Nígbà tó máa lọ ilé, ó ti ń jẹ ẹ̀kọ fúnra rẹ̀, ó ti ń jókòó, ó sì ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ẹbí máa dúpẹ́ fún nìyẹn, pé ó jókòó, ó sì sọ̀rọ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọn kò rí?

Wọn kò rí egbò. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà lórí ibi tí egungun ti sún mọ́ awọ: ìdí ẹ̀yìn lókè ìjókòó, ìbàdí, gìgísẹ̀, èjìká, títí kan ìpàkọ́. Níbi tí egungun ti ń tẹ ẹran mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kọjá dáadáa. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹran ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti inú, egbò á sì yọ, èyí tó lè jìn dé egungun, tó sì lè gba oṣù púpọ̀ kó tó jiná. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ́ nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n máa yí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ padà ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Wákàtí méjì-méjì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejìlá láàárín ọ̀sán àti òru kan. Fún ọjọ́ 42, ó di ìgbà 504. Ẹ̀ẹ̀kan péré kọ́, ìgbà 504 tí ẹni méjì ní láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n gbé e, kí wọ́n má fi ara rẹ̀ wọ́ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n má sì fa apá tó ti kú. Tí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, kí ni ẹbí máa rí? Awọ ẹ̀yìn màmá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un níbí, nítorí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́jú, wọ́n á ní àmì àkọ́kọ́ egbò yìí ni pé awọ máa ń pọ́n, bí a bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, pípọ́n náà kì í lọ. Lára awọ dúdú, pípọ́n yẹn ṣòro láti rí. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dúró de pípọ́n. Yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀ bóyá ó gbóná ju ara yòókù lọ, yóò tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó le tàbí ó rọ̀ jù, yóò sì wò ó bóyá ibẹ̀ dúdú ju ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹbí bá rí nọ́ọ̀sì tó ń fi ọwọ́ wá ara màmá kiri ní òru, wọ́n lè rò pé ó kàn ń nu ún lásán ni. Irú iṣẹ́ báyìí ló yẹ kó dé inú lẹ́tà.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, bí ẹ bá bu omi sí i lẹ́nu nítorí àánú, omi náà lè yà sí ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà tó máa ń tìdí ìyẹn yọ wà lára ohun tó máa ń pa àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, nígbà tí ẹbí ti ń rò pé ewu ti fò wọ́n dá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè kí wọ́n tó da oúnjẹ sínú rọ́bà, tí wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá rọ́bà náà ṣì wà nínú ikùn, tí wọn kò sì ní jẹ́ kí màmá dùbúlẹ̀ gbalaja kété tó jẹun tán. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀fun ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé e jókòó, wọ́n á fún un ní omi ṣíbí kékeré kan, wọ́n á sì máa gbọ́ bóyá ó wúkọ́, tàbí bóyá ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí omi há sí lọ́fun. Èyí náà, tó bá lọ dáadáa, kò sí ohun tí ẹ máa rí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo bí lẹ́tà ìdílé yìí ṣe lè rí bí wọ́n bá kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Àpẹẹrẹ ni o. “Ẹ̀yin Métíróònù wa àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ẹ kú iṣẹ́. Àwa ni ọmọ màmá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 9 láti ọjọ́ 3 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹrin. Ọjọ́ 42 ni màmá fi dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kò sì ní egbò kankan lára títí ó fi lọ ilé. A mọ̀ pé kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀, nítorí a rí yín ní aago méjì òru, a rí yín ní aago mẹ́rin, ẹni méjì nídìí bẹ́ẹ̀dì kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ òru rí i pé gìgísẹ̀ ọ̀tún màmá gbóná, ó sì le. Ó jí àbúrò wa, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kàn án, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ti ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má bàa kan bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ẹ kọ̀ fún wa láti fún màmá lómi lẹ́nu nígbà tí a ń bẹ̀bẹ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Inú bí wa sí yín lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ẹ ṣàlàyé ibi tí omi náà lè gbà lọ ni ọ̀rọ̀ tó yé wa. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ láàárọ̀ kì í kọjá láìkí màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màmá kò lè dáhùn. Ọjọ́ tí màmá kọ́kọ́ mi orí sí ènìyàn, òun ló mi í sí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.”

Ẹ wo ohun tí lẹ́tà yìí ní tí ti àkọ́kọ́ kò ní. Métíróònù lè kà á fún àwọn tó ń gba iṣẹ́ láàárọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé fífi ọwọ́ wá ara aláìsàn lóru kò já sí asán. Ó lè fi ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ yẹn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Bó bá sì lọ bá àwọn ọ̀gá pé òṣìṣẹ́ òru kò tó, ó ní ẹlẹ́rìí tó kọ ọ́ pé ẹni méjì ni bẹ́ẹ̀dì kan ń gbà. Ẹ tún kíyè sí i pé ìdílé náà kò fi bò pé inú bí wọn nítorí omi. Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn ló níye lórí jù nínú gbogbo lẹ́tà náà, nítorí ó ń sọ fún wọ́ọ̀dù pé ìdílé tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà máa bínú, pé àlàyé ló máa tù ú, àti pé ó dára kí àlàyé náà tètè dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ fún rédíò wọn pé, “Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ wọn ni? Ṣé wọn kì í gbowó oṣù ni?” Ó jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n owó oṣù kan náà ni wọ́n ń san fún ẹni tó yí màmá padà ní aago mẹ́rin àti ẹni tó kàn kọ ọ́ sórí ṣáàtì pé òun ti yí i. Owó oṣù kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀rí ẹni tó wà níbẹ̀ lè yà wọ́n.

Àwọn mìíràn á ní ìwé kọ́ ni òṣìṣẹ́ máa jẹ, pé kí a fi nǹkan sí wọn lọ́wọ́. Àwọn baba wa náà ní bí a bá dúpẹ́ oore àná, a ó rí òmíràn gbà, nítorí náà ẹlòmíràn gbà pé owó lọpẹ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba, kò gba òṣìṣẹ́ láyè láti béèrè tàbí láti gba ohunkóhun nítorí iṣẹ́ tó jẹ́ ojúṣe rẹ̀. Owó tí ẹ rọra tì sínú àpò nọ́ọ̀sì ọsibítù ìjọba lè di wàhálà sí i lọ́rùn. Ní àfikún, owó náà yóò dé ọwọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹni tó rí gìgísẹ̀ wà nílé rẹ̀, ó ń sùn, nítorí pé òru ni iṣẹ́ tirẹ̀. Aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 10 náà rí yín, òun àti ẹbí rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú iye tí àwọn náà máa mú wá. Ní ti búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì tí ẹ gbé sórí tábìlì kí gbogbo wọn jọ jẹ, kí wọ́n jọ mu, ẹ béèrè lọ́wọ́ Métíróònù ohun tí ọsibítù fàyè gbà. Lẹ́tà ní tirẹ̀ kì í tán bí mọ́ọ̀tì, ó sì ń dúró de ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru.

Àtakò tó le jù lèyí: “Nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ wa níbẹ̀. Ṣé ká fi irọ́ bò ó ni?” Rárá o. Ẹni tó ń jẹ́rìí kì í purọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ẹ̀sùn àti ọpẹ́ sínú àpò ìwé kan náà, nítorí ẹni tó bá kà á yóò gbàgbé ọpẹ́, yóò sì rántí ẹ̀sùn. Láti ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá SERVICOM sílẹ̀ kí ará ìlú lè rí ibi fi ẹjọ́ sùn nípa iṣẹ́ ìjọba, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ sì máa ń ní tábìlì rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Nínú lẹ́tà ọpẹ́, ẹ dúpẹ́ fún ohun tó yẹ lọ́pẹ́ nìkan, kí ẹ má sì kọ “gbogbo nọ́ọ̀sì” bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. “Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ní ọ̀sẹ̀ kejì” ti tó. Ọ̀nà yìí tún tán ìṣòro orúkọ. Ọ̀pọ̀ ẹbí kì í mọ orúkọ òṣìṣẹ́, wọ́n sì lè dárúkọ ẹnì kan kí wọ́n gbàgbé ẹni tó jọ bá a gbé aláìsàn. Ẹ sọ ọjọ́ àti àkókò, Métíróònù á wo róstà, á sì mọ ẹni tí ẹ ń wí.

Bí aláìsàn bá wá kú ńkọ́? Ṣé ọpẹ́ ṣì wà? Níbí ni ẹ ó ti rí i bóyá ohun tí mo ń sọ dúró. Bó bá jẹ́ pé ìwòsàn là ń dúpẹ́ fún, kò sí ohun tí a máa kọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí a rí là ń dúpẹ́ fún, iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n tọ́jú ẹnu rẹ̀ kó má gbẹ, wọ́n fa aṣọ ìkélé yí bẹ́ẹ̀dì ká ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdílé kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú ara wọn kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú. Kódà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò tíì pẹ́ jù, bí ẹ bá ti kọ ọjọ́ àti wọ́ọ̀dù sí i.

Ó ku bí lẹ́tà náà ṣe máa dé ibi tó yẹ. Ojú ewé kan tó. Wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri wọ́ọ̀dù, nítorí náà ẹ má kọ orúkọ àìsàn aláìsàn yín sínú rẹ̀, ẹ má sì kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sórí bébà kékeré kan lọ́tọ̀ fún Métíróònù, kó lè fi rí fáìlì bó bá nílò rẹ̀. Bí Yorùbá bá yọ̀ lẹ́nu yín ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ fi Yorùbá kọ ọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún wọ́ọ̀dù, ọ̀kan fún ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún ọ̀gá àgbà ọsibítù. Níbi méjì tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ ní kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tí ẹ̀yin fúnra yín máa mú lọ ilé. Ti wọ́ọ̀dù, bí ẹ bá lè dúró, ẹ mú un lọ ní àkókò tí àwọn ọ̀sán ń gbé iṣẹ́ fún àwọn òru, kí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i.